Ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́ kọ̀wé sí mi lóru, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Báwo ni kí n ṣe dáhùn?

Àbúrò_Níṣẹ́ · 6:41 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó tẹ ohun tí kò yẹ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ ń kọ ìjábọ̀ kan níbi iṣẹ́. Wọ́n jù mí lọ dáadáa, àwọn ló sì fi iṣẹ́ mọ̀ mí nígbà tí mo dé. Ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, láti ìgbà náà ni wọn kì í ti í rí oorun sùn. Ohun tí mo bá lórí fóònù mi nígbà tí mo jí nìyí. Agogo mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni wọ́n fi ránṣẹ́, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an nìyí:

"Aburo mo ti fi iwe na sinu eja keta. Ma je ki awon iyawo gun akaba yen o ti tutu. Mi o ni le waaaaaaaaaaaaannnn"

Ẹja kẹta kẹ̀? Ìyàwó wo ló fẹ́ gun àkàbà? Ìparí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú jù, torí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ yìí la máa jókòó pẹ̀lú ọ̀gá lórí ìjábọ̀ ọ̀hún. Ṣé wọn ò ní wá ni? Mo ti kọ "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ gan-an? Kò yé mi rárá," àmọ́ mi ò tíì fi ránṣẹ́, ó ń ṣe mí bíi pé ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Mi ò fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Mi ò sì fẹ́ díbọ́n pé ó yé mi.

Ẹyẹlé_Funfun · 6:49

Má jẹ́ kó kó ẹ lọ́kàn sókè rárá. Fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ sí wọn, kí o ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sùn o!" Nílé wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe máa ń ṣe é. Tẹ́nì kan bá kọ ìsọkúsọ lóru, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín sí i láàárọ̀, òun náà á bá wa rẹ́rìn-ín. Ìka wọn ló sùn lé kíbọ́ọ̀dù fóònù, ìyẹn ni gbogbo "aaaa" yẹn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Onísùúrù · 6:55

Ẹyẹlé, ti ẹbí yàtọ̀ sí ti ibi iṣẹ́. Àbúrò ò lè máa sọ fún ẹni tó jù ú lọ pé "ẹ lọ sùn o", pàápàá nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ pàtàkì wà nínú ohun tí wọ́n kọ. Ẹ̀rín máa ń dáa tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ ló kọ́kọ́ rín in.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 7:04

Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ò ṣàjèjì sí mi, yálà látọ̀dọ̀ àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí látọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Àbúrò, ọ̀rọ̀ wà nínú ohun tí wọ́n kọ sí ẹ, jẹ́ ká jọ wò ó.

Ó jọ pé ọmọ ló jí wọn. Tí wọ́n bá jí èèyàn látinú oorun tó wọra, ọpọlọ kì í jí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ojú. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n kí orí tó wálé, ó sì lè tó wákàtí kan fún ẹni tí oorun ti ń jẹ lówó tipẹ́. Láàárín àkókò yẹn, èèyàn á máa sọ̀rọ̀, á máa tẹ fóònù, àmọ́ kò ní rántí púpọ̀ nínú rẹ̀ tó bá tún sùn padà. Ìdí nìyẹn tí "kí lẹ ń sọ?" kì í fi í ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n máà mọ̀ pé àwọn kọ nǹkan kan rárá. Ìwọ á máa bi wọ́n ní ìtumọ̀ ohun tí wọn ò rántí, àwọn á sì máa wá àlàyé tí kò sí.

Bí mo ṣe máa ń kà á nìyí. Ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń gbà gbọ́ jù, torí ohun tó mú kí ẹni náà gbé fóònù ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bó ṣe ń lọ sí ìparí ni oorun ń gbé e lọ. Lẹ́yìn náà, màá wo kíbọ́ọ̀dù. J àti K wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí o bá fi K rọ́pò J nínú "eja keta", "ẹ̀ka kẹta" ló máa dà. Ṣé ìjábọ̀ yín ní ẹ̀ka kẹta? Tó bá ní, lọ wò ó kí o tó bi wọ́n ní ohunkóhun.

Ti ìyàwó àti àkàbà, fi sílẹ̀. Àlá ló ti wọ inú ọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Má ṣe tú u, má sì ṣe bi wọ́n.

"Mi o ni le wa" nìkan ló ṣe pàtàkì kí o bi wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ tán.

Àbúrò_Níṣẹ́ · 7:11

Háà! Mo ti lọ wò ó. Ìwé náà wà ní ẹ̀ka kẹta lóòótọ́, agogo mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni wọ́n fi síbẹ̀. Orí mi wú.

Ẹlẹ́rọ_Kọ̀ǹpútà · 7:15

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún nǹkan kan ṣe níbi tí Ẹyẹlé ti ní ìka sùn lé kíbọ́ọ̀dù fóònù. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, tí o bá tẹ lẹ́tà kan tí o ò gbé ọwọ́ kúrò, kò ní máa tún ara rẹ̀ tẹ̀. Àwọn lẹ́tà mìíràn tó fara jọ ọ́ ló máa yọ sókè, bí á, à àti irú wọn. Àmọ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí ìka bá dúró lórí A, ńṣe ni "aaaaaaaa" á máa tò lọ. Èrò tèmi ni pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ìyẹn sì ṣàlàyé "eja" náà. Fóònù tí wọ́n ṣètò fún èdè mìíràn máa ń fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ Yorùbá padà. O tẹ "ni", ó sọ ọ́ di "in". O tẹ "mo", ó sọ ọ́ di "no". Tó bá jẹ́ fóònù ni, ohun tí fóònù rọ́pò ni à bá máa wá. Lórí kọ̀ǹpútà, ohun tí ìka tẹ̀ gan-an ló sábà máa ń jáde, nítorí náà lẹ́tà tó wà nítòsí ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 7:22

Ẹlẹ́rọ, ẹ ṣeun. Ìyẹn yí nǹkan padà, torí ohun tí mo rò ni pé ọmọ ló jí wọn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n sì gbé ìwé sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú, a jẹ́ pé wọn ò tíì sùn rárá. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n wà. Ẹni tó bá ti lajú sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàdínlógún, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára díẹ̀. Tó bá wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, oorun á máa gbé e lọ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lórí ìjókòó, ojú rẹ̀ lè là sílẹ̀ pàápàá, kò sì ní mọ̀ pé òun sùn. Bóyá bí àkàbà ṣe wọlé nìyẹn. Wọ́n sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀, wọ́n tún jí, wọ́n ń bá a lọ, títí ìka fi dúró sójú kan.

Ohun tó túmọ̀ sí fún ẹ, Àbúrò, ni pé má pè wọ́n báyìí. Tó bá jẹ́ agogo mẹ́ta àbọ̀ ni wọ́n sùn, wọn ò tíì sùn ju wákàtí mẹ́rin lọ, ọmọ á sì ti jí wọn láàárín ìyẹn. Tẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n bá a nígbà tí wọ́n bá jí.

Onísùúrù · 7:26

Ibi tí mi ò ti bá Nọ́ọ̀sì rìn nìyí. Ká máa tú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dára tó bá jẹ́ ìwé, torí ẹ lè lọ wo ìwé. Ohun tí ẹ ò bá lè lọ wò, ẹ má ṣe fi ọgbọ́n orí tú u rárá.

Àpẹẹrẹ kan rèé láàárín tọkọtaya kan tí mo mọ̀. Ọmọ wọn ní ibà, wọ́n sì ń pín òru láàárín ara wọn. Ìyá lọ sùn, bàbá kọ ọ́ sórí fóònù fún un pé "mo ti fun n ni ogun a". Ó ṣeé kà sí pé ó ti fún un. Ó tún ṣeé kà sí "mo fẹ́ fún un", tí oorun ò jẹ́ kó tẹ̀ dáadáa. Ìyá kà á ní agogo márùn-ún, kò dáhùn lórí fóònù, ó lọ bá ọkọ níbi tó sùn sí, ó rọra jí i, ó ní, "Aago mélòó lo fún un lóògùn?" Ọkọ ò rántí. Wọ́n lọ wo ìgò oògùn, wọ́n wo ṣíbí, ṣíbí gbẹ. Nígbà tí wọn ò rí ohun tó dájú, wọn ò tún fún un, wọ́n pe ibi tí wọ́n ti gba oògùn kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun.

Oògùn, owó, kọ́kọ́rọ́ ilé, ẹni tó máa lọ mú ọmọ nílé ìwé: ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ojú oorun ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Kódà bó bá dà bíi pé ó yé yín. Èyí tó yéni tán lójú ẹni ló léwu jù, torí kò ní síni lọ́kàn láti tún béèrè.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 7:29

Òótọ́ ni, mo gbà. Níbi iṣẹ́ wa, tí wọ́n bá fi ẹnu sọ iye oògùn fún wa lórí fóònù, a máa ń kà á padà fún ẹni tó sọ ọ́, ó sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ká tó fọwọ́ kan oògùn. Ẹni tó lajú sílẹ̀ gan-an la máa ń kà á padà fún, kí á tó wá sọ ti ẹni tó ń tòògbé.

Ìyá_Àgbà_Ọmọlúàbí · 7:33

Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀rọ̀ tèmi náà nìyẹn. Tí n bá ti lo oògùn oorun tán, màá jí láàárọ̀, màá rí i pé mo ti kọ̀wé sí àwọn ọmọ mi, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Báwo ni mo ṣe lè dá a dúró? Àwọn ọmọ ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Nọ́ọ̀sì_Òru · 7:38

Ẹ káàárọ̀ mà. Ohun tí Àbúrò béèrè ni bí òun ṣe máa dáhùn, àmọ́ ti yín náà ò ṣeé fojú fò. Àwọn oògùn oorun kan wà tó máa ń mú kí èèyàn ṣe nǹkan láìmọ̀: á dìde, á jẹun, á kọ̀wé, àwọn mìíràn á tilẹ̀ wakọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tó kọ oògùn náà fún yín, kí ẹ sì sọ ọ́ kíákíá. Ẹ má kàn gbé fóònù jìnnà kí ẹ gbà pé ó ti tán. Àwọn ọmọ yín náà, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn ohun tí ẹ kọ hàn yín pẹ̀lú aago tí ẹ fi kọ ọ́, ó máa wúlò fún dókítà.

Akọ̀wé_Pẹ̀lẹ́ · 7:41

Àbúrò, ó yẹ kí o ti fi nǹkan ránṣẹ́ báyìí kí ìpàdé tó tó. Bí èmi ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo ti rí ìwé náà ní ẹ̀ka kẹta, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìlà tó kẹ́yìn gé kó tó délẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ṣé ẹ máa lè wà níbẹ̀ ní agogo mẹ́wàá, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ ná? Mo ti múra sílẹ̀ fún méjèèjì."

Wo bó ṣe tò. Mo kọ́kọ́ dárúkọ ohun tó yéni, tí mo sì ti lọ rí. Ìyẹn á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ òru wọn ò já sófo. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè kan péré, tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ méjì dáhùn bí ojú wọn ò bá tiẹ̀ tíì dá. Mi ò fi àkàbà kún un. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe kókó fún mi, torí ẹni tó ti rẹ̀ tó ń ka ìbéèrè yín máa ń rò pé òun ti dá wàhálà sílẹ̀.

Fún àfikún, má ṣe dáhùn sábẹ́ ọ̀rọ̀ wọn gan-an débi tí ọ̀rọ̀ àkàbà yẹn á tún yọ lókè ìdáhùn rẹ. Kọ ọ́ ní tuntun.

Onísùúrù · 7:44

Ó dáa. Àmọ́ "gé kó tó délẹ̀ lọ́dọ̀ mi" yẹn, ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn? Bíi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e.

Akọ̀wé_Pẹ̀lẹ́ · 7:47

Ẹ yọ "lọ́dọ̀ mi" kúrò. "Ìlà tó kẹ́yìn ò parí" jẹ́ òótọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Àbúrò_Níṣẹ́ · 7:50

Mo ti fi ránṣẹ́, mo yọ ibi tí Onísùúrù tọ́ka sí. Tí wọn ò bá dáhùn tó bá di agogo mẹ́sàn-án, màá pè.

Ọmọ_Ìkẹyìn · 7:58

Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí díẹ̀. Gbogbo yín ti gbà pé oorun ni. Tó bá wá jẹ́ àìsàn ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?

Nọ́ọ̀sì_Òru · 8:13

Ìbéèrè gidi nìyẹn, inú mi dùn pé ẹnì kan béèrè. Ní Boston, àwọn dókítà kọ nípa obìnrin aboyún kan tí ọ̀rọ̀ tó ń kọ sí ọkọ rẹ̀ nípa ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìbímọ rẹ̀ dà rú pátápátá. Ọkọ rẹ̀ fura, wọ́n lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé àrùn rọpárọsẹ̀ ló ti kọ lù ú. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní ìparí ọdún 2012.

Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan ò lè fi ìyàtọ̀ náà hàn dáadáa, mi ò ní tan yín. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tí mo máa ń wò. Aago ni àkọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tó dàrú ní agogo mẹ́ta òru látọ̀dọ̀ ẹni tí kò sùn, ó nídìí. Èyí tó dàrú ní agogo méjì ọ̀sán látọ̀dọ̀ ẹni tó sùn dáadáa, kò nídìí. Èkejì ni ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o bá tún béèrè. Ẹni tó ń tòògbé á dákẹ́ torí ó ti sùn, tàbí kó tún ara rẹ̀ ṣe. Tí ẹni náà bá ń dáhùn kíákíá, tí ìdáhùn kejì àti ìkẹta náà ò sì lórí kò nídìí, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ò jọra wọn, má tẹ nǹkan kan mọ́. Pè é, kí o gbọ́ ohùn rẹ̀. Ní kó sọ gbólóhùn kan tó gùn díẹ̀. Tí ẹnì kan bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ní kó wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ wọ́, bóyá apá kan ń já bọ́ tó bá na méjèèjì síwájú. Tí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni, lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n sì sọ aago tí ara rẹ̀ dá kẹ́yìn, torí oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló sì tọ́ sí.

Tó bá jẹ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń gba abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì, mi ò ní dúró de nǹkan kan. Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ máa ń mú ọ̀rọ̀ dàrú bíi ti ẹni tó ń tòògbé, ó sì lè ṣẹlẹ̀ lóru. Nínú ọ̀ràn tiẹ̀, màá pè ní òru, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa jí gbogbo ilé.

Ti ẹ̀gbọ́n Àbúrò yìí, apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ wọn bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, ìwé wà níbi tí wọ́n ní ó wà. Ọkàn mi balẹ̀ lórí tiwọn.

Ẹyẹlé_Funfun · 8:20

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gidigidi. Mi ò mọ ti ṣúgà yẹn tẹ́lẹ̀, bàbá wa sì ń gba abẹ́rẹ́. Màá sọ fún gbogbo ilé lónìí.

Àbúrò_Níṣẹ́ · 8:52

Wọ́n ti dáhùn! "A dúpẹ́ àbúrò. Mi ò ní lè wá ní kùtù ni mo fẹ́ kọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀, màá dé ní agogo mẹ́wàá àbọ̀. Ọmọ ò jẹ́ kí n sùn, kọ̀ǹpútà ni mo sùn lé." Nítorí náà, Ẹlẹ́rọ gbà á. Wọn ò sọ ohunkóhun nípa àkàbà.

Ìbéèrè kan ló kù. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà han ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí n tó wá síbí, ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀ sínú gbàgede gbogbo wa, pé á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo ní rárá. Ṣé mo le jù ni? Ṣé kí n tilẹ̀ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé wọ́n kọ ọ́?

Ẹyẹlé_Funfun · 8:57

Gbàgede kọ́, mo bá ẹ ṣe níbẹ̀. Àmọ́ sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá sùn dáadáa, ẹ̀yin méjì nìkan. Ìyàwó tó ń gun àkàbà! Á dùn mọ́ wọn nínú.

Onísùúrù · 9:01

Kí ló dé tí wọ́n á fi gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ? Ọ̀rọ̀ náà wà lórí fóònù tiwọn náà. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọ́, wọ́n á sọ ọ́. Tí wọ́n bá pa á rẹ́, ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Akọ̀wé_Pẹ̀lẹ́ · 9:06

Èmi wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò ní dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá bi mí pé "kí ni mo tiẹ̀ kọ?", mi ò ní fi pa mọ́. Màá kà á fún wọn bó ṣe rí.

Ìyá_Àgbà_Ọmọlúàbí · 9:15

Ẹni tí wọ́n máa ń fi irú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kò dùn mọ́ mi kí wọ́n máa kà á lójú gbogbo ilé. Èyí àbíkẹ́yìn mi nìkan ló máa ń pè mí sí kọ̀rọ̀ láàárọ̀, á ní, "Màmá, ẹ kọ nǹkan sí mi lóru, ṣé kí n fi hàn yín?" Ó máa ń bi mí kó tó fi hàn mí. Mo ti pe dókítà, ọ̀la ni wọ́n ní kí n wá.

Àbúrò_Níṣẹ́ · 9:20

Ẹ ṣeun mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó yọrí sí rere. Mo ti ní kí ẹni yẹn má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ tẹ ẹ̀ka kẹta jáde kí ẹ̀gbọ́n tó dé.